Títì Ni Ó Ń Yan Mọ́tò: Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Sínú Fọ́tò Òpópónà Tó Ṣófo

  Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ: báwo ni a ṣe lè fi mọ́tò sínú fọ́tò òpópónà tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, tí ẹni tó bá wò ó kò ní rí ibi tí a ti fọwọ́ sí i?

Gbogbo wa la ti rí èyí tí kò dára. Òǹwòran lè má mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà, síbẹ̀ yóò ní, “Mọ́tò yìí ń fò,” tàbí, “Ó kéré jù.” Ohun tó sì máa ń fa á kò pọ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ wá mọ́tò tó wù ú, lẹ́yìn náà ló wá ń wá bí yóò ṣe fi ipá mú un jókòó sórí títì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi lónìí ni pé títì ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Nǹkan mẹ́ta ni fọ́tò títì máa ń sọ fún wa: bí kámẹ́rà ṣe ga tó nígbà tí wọ́n ya á, iye píkísẹ́lì tó jẹ́ mítà kan níbi tí a fẹ́ gbé ọkọ̀ sí, àti ibi tí oòrùn wà. Ẹni tó bá ti gba ìdáhùn mẹ́ta yìí ti mọ irú fọ́tò mọ́tò tí òun ń wá, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kan, kí a sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Pósítà sinimá kan ni a fẹ́ ṣe, ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1978. A ti ya òpópónà kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Títì ọlọ́dà ni, ó tẹ́jú, ó sì lọ tààrà sí ìhà àríwá. Gọ́tà wà létí rẹ̀ lápá òsì, fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́ wà lẹ́yìn gọ́tà, òpó iná kan sì dúró lápá ọ̀tún. Mọ́tò tí a fẹ́ fi sí i ni Píjò 504, kó máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

Píjò 504 bá ìtàn náà mu. Ọdún 1968 ni ó jáde, ọdún 1975 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí náà mọ́tò tó ń bọ̀ wá bá wa gbọ́dọ̀ wà lápá òsì fọ́tò, kí sítíárì rẹ̀ sì wà lápá òsì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ní ìhà àárín títì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yí mọ́tò lódì-lódì nínú kọ̀ǹpútà kí ìmọ́lẹ̀ lè bá a mu, ẹ rántí pé sítíárì àti nọ́ńbà ọkọ̀ yóò yí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìlà ojú

Bí ènìyàn bá dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì gbé kámẹ́rà sójú, gbogbo ohun tó bá ga tó kámẹ́rà náà gẹ́lẹ́ ni orí rẹ̀ yóò kan ìlà kan ṣoṣo nínú fọ́tò, ì báà sún mọ́ wa, ì báà jìnnà. Ìlà yìí ni mo ń pè ní ìlà ojú. Ohun tó bá ga ju kámẹ́rà lọ yóò yọ sókè ìlà náà, ohun tí kò bá ga tó o yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Láti rí i, ẹ fa ìlà tẹ̀ lé etí títì lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ẹ fa òmíràn tẹ̀ lé etí gọ́tà àti orí fẹ́ǹsì, kí ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn máa lọ síwájú. Wọn yóò pàdé lójú kan. Ojú ìpàdé yẹn wà lórí ìlà ojú. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan kọjá níbẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí lẹ́ńsì bá tẹ ohun tó yẹ kó tọ́, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe kí ẹ tó fa ìlà kankan, torí ìlà tó tẹ̀ kì í pàdé ẹnikẹ́ni síbi tó tọ́.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì pàdé títì tó ń gun òkè. Níbẹ̀, etí títì yóò pàdé lókè ìlà ojú gan-an. Bí títì bá ń sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò pàdé nísàlẹ̀ rẹ̀. Fèrèsé àti etí òrùlé ilé ni kí ẹ fi wá ìlà ojú nírú ibẹ̀, nítorí bíríkìlà ti fi omi wọ̀n wọ́n kí wọ́n lè tẹ́jú. Ṣùgbọ́n mọ́tò orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tẹ̀ lé títì, kì í ṣe ilé, nítorí títì ni táyà rẹ̀ ń tẹ̀.

Ó ku kí a mọ bí ìlà ojú ṣe ga tó sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwa la ya fọ́tò náà, a ti wọn kámẹ́rà. Bí kì í bá ṣe àwa, fẹ́ǹsì yóò sọ fún wa. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì mẹ́sàn-án, pẹ̀lú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi mọ ọ́n, máa ń gba nǹkan bí ínǹṣì mẹ́wàá, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ìlà búlọ́ọ̀kù mẹ́rin jẹ́ mítà kan. Nínú fọ́tò wa, ìlà ojú gba ibi búlọ́ọ̀kù keje kọjá, kò tíì dé àárín rẹ̀. Mítà 1.6 nìyẹn, gíga ojú ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ kàn rí i dájú pé ìdí fẹ́ǹsì náà kò ga ju títì lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹlẹ̀ sí i.

Bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó

Ọkùnrin ará Ítálì kan, Leon Battista Alberti, ti kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ nípa àwòrán lọ́dún 1435. Ó kọ́ àwọn ayàwòrán láti fi gíga ènìyàn wọn ohun gbogbo tó wà lórí ilẹ̀, kí wọ́n sì fi ojú ìpàdé sí ibi tí orí ènìyàn dé. Ọ̀nà kan náà ni a ń lò títí di òní.

Òfin náà rọrùn. Ibikíbi tí ẹ bá fi ìka sí lórí títì, láti ibẹ̀ gòkè dé ìlà ojú jẹ́ gíga kámẹ́rà. Ní tiwa, ó jẹ́ mítà 1.6. Ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́ kí táyà iwájú tẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, kí ẹ wá ka píkísẹ́lì láti ibẹ̀ dé ìlà ojú. A ka 800. Ẹ fi 1.6 pín in, ó jẹ́ 500. Níbi tí táyà yẹn wà, mítà kan jẹ́ píkísẹ́lì 500.

Píjò 504 fẹ̀ ní mítà 1.69, nítorí náà fífẹ̀ rẹ̀ níbi táyà iwájú yóò jẹ́ píkísẹ́lì 845. Ká ní ọ̀ọ́kán la fẹ́ gbé e sí, níbi tí táyà dé ìlà ojú ti jẹ́ 400 péré, mítà kan yóò di 250, fífẹ̀ ọkọ̀ yóò sì di nǹkan bí 420. Kò sí pé à ń fi ojú díwọ̀n.

Mọ́tò kì í ṣe pátákó, ó ní jíjìn. Ibi tí òrùlé Píjò ti ga jù wà ní nǹkan bí mítà kan ààbọ̀ sẹ́yìn táyà iwájú, níbẹ̀ sì ni mítà kan ti dín kù sí nǹkan bí píkísẹ́lì 440. Gíga ọkọ̀ náà jẹ́ mítà 1.46. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 14 kéré sí gíga kámẹ́rà wa, nítorí náà òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní nǹkan bí píkísẹ́lì 60 sí ìsàlẹ̀ ìlà ojú. Bí a bá gbé e sún mọ́ wa tàbí tì í sẹ́yìn, kò ní gun ìlà yẹn kọjá láéláé. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nìyí. Bí Píjò bá gbé òrùlé rẹ̀ kọjá ìlà ojú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹni tó ya fọ́tò sì dúró lórí ìdúró, a ti sọ ọ́ di bọ́ọ̀sì.

Fọ́tò mọ́tò tó yẹ

Níbí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́. Wọ́n gbà pé ohun gbogbo wà lọ́wọ́ fífẹ̀ àti dídínkù. Kọ̀ǹpútà lè sọ mọ́tò di ńlá tàbí kékeré, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tí kámẹ́rà kò rí hàn wá. Mọ́tò tí ẹnìkan lóṣòó yà, tí kámẹ́rà rẹ̀ wà ní ìwọ̀n iná iwájú ọkọ̀, kò ní jẹ́ kí a rí orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti mítà 1.6, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ hàn kedere. Ẹ gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sórí títì wa, yóò dà bí ẹni pé ó fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, ohunkóhun tí ẹ bá sì ṣe sí ìtóbi rẹ̀ kò ní wò ó sàn.

Ọ̀nà àyẹ̀wò rẹ̀ ni kí ẹ fa ìlà lára mọ́tò fúnra rẹ̀: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ gíláàsì, etí òrùlé, àti ìdí táyà iwájú sí ìdí táyà ẹ̀yìn. Bí mọ́tò bá dúró ní títọ́ sí títì, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ forí lé ojú ìpàdé kan náà tí etí gọ́tà forí lé. Bí mọ́tò bá ń yà díẹ̀, wọ́n lè pàdé níbòmíràn, ṣùgbọ́n orí ìlà ojú kan náà ni wọn yóò ti pàdé. Bí ìlà ojú mọ́tò bá yàtọ̀ sí ti títì, ẹ fi fọ́tò náà sílẹ̀, ẹ lọ wá òmíràn.

Èyí tó dára jù ni kí a lọ ya mọ́tò náà fúnra wa. Píjò 504 ṣì wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí pápá tó tẹ́jú. Kámẹ́rà yóò wà ní mítà 1.6, lẹ́ńsì kan náà ni ẹ ó lò. Báwo ni a ó ṣe jìnnà tó? Fọ́tò títì wa fẹ̀ ní píkísẹ́lì 6000, lẹ́ńsì mìlímítà 35 ni a fi yà á, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà sì fẹ̀ ní mìlímítà 36. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

```
6000 × 35 ÷ 36 = 5833
5833 ÷ 500 = 11.7
```

Táyà iwájú gbọ́dọ̀ wà ní mítà 11.7 níwájú kámẹ́rà. Nínú fọ́tò títì, ibi tí a yàn fún táyà yìí wà ní píkísẹ́lì 1000 sí òsì àárín fọ́tò. Ẹ fi 500 pín in: mítà méjì. Ẹ wọn mítà 11.7 síwájú, ẹ wọn mítà méjì sí òsì, ẹ fi ẹfun sàmì sílẹ̀, kí awakọ̀ gbé táyà rẹ̀ lé e. Kí kámẹ́rà má dojú bolẹ̀, kó má sì wòkè. Ibi tó wò nígbà tó ń ya títì ni kó tún wò. Mọ́tò tí a bá yà báyìí yóò wọ inú títì láìjẹ́ pé a fẹ̀ ẹ́ tàbí dín in kù.

Òjìji

Ó ku oòrùn. Ẹ padà sọ́dọ̀ òpó iná ọwọ́ ọ̀tún. Nínú fọ́tò wa, òjìji rẹ̀ na gbọọrọ sí òsì, ó dábùú títì, gígùn rẹ̀ sì tó gíga òpó náà fúnra rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oòrùn wà ní ìlà oòrùn, lọ́wọ́ ọ̀tún wa, ó sì ti gòkè dé ìdajì ojú ọ̀run. Láàárín oṣù kẹta, irú oòrùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní Ìbàdàn kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Àkókò yẹn náà ni kí a lọ ya Píjò, kó sì dojú kọ gúúsù bí yóò ṣe dojú kọ ọ́ nínú títì.

Nítorí pé òjìji òpó ṣe déédéé pẹ̀lú gíga òpó, òjìji apá kọ̀ọ̀kan mọ́tò yóò ṣe déédéé pẹ̀lú gíga apá náà. Etí òrùlé tó ga ní mítà 1.46 yóò ju òjìji rẹ̀ sí mítà 1.46 lápá òsì. Ṣùgbọ́n òrùlé kò fẹ̀ tó ara ọkọ̀, ó fi bí sẹ̀ǹtímítà 25 wọnú. Nítorí náà òjìji tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí mítà 1.2. Níbi bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù tí kò ga tó òrùlé, yóò kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjìji náà yóò ní èjìká bí ọkọ̀ ṣe ní èjìká. Òjìji tó bá rí roboto bí ẹyin ti tú ẹni tó ṣe é fó.

Bí ọkọ̀ bá fi mítà kan péré jìnnà sí gọ́tà, òjìji mítà 1.2 yóò fi sẹ̀ǹtímítà 20 kọjá etí gọ́tà. Kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ lókè gọ́tà. Etí gọ́tà ni òjìji yóò ti já, yóò sì bọ́ sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ fẹ́ǹsì ni ó kàn, yóò dìde gun fẹ́ǹsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí òjìji òpó iná bá ti na síbi tí a gbé ọkọ̀ sí, kò lè gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá mọ́: yóò gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò sì gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹ wá wo apá ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa nínú fọ́tò, ibi tí oòrùn ń kọjú sí. Bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 sílẹ̀, ìtànṣán oòrùn yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25 kí òkùnkùn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kun dúdú yọ síta lápá yìí ti gbé oòrùn kejì sójú ọ̀run.

Abẹ́ ọkọ̀ ní òkùnkùn tirẹ̀, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ oòrùn nìkan. Ọkọ̀ náà ti dí ojú ọ̀run mọ́ ilẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ dúdú lọ́jọ́ tí kùrukùru bo oòrùn pàápàá. Níbi tí táyà ti kan ọ̀dà, ó dúdú jù lọ, ó tín-ín-rín, etí rẹ̀ sì mú. Ohun tó ń so mọ́tò mọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí, mọ́tò ń fò, òjìji oòrùn ì báà dára tó báwo. Etí òjìji oòrùn ní tirẹ̀ máa ń rọ̀ bó bá ṣe ń jìnnà sí ohun tó jù ú. Èyí tó ti òrùlé wá yóò rọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, nǹkan bí píkísẹ́lì mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa.

Àwọ̀ òjìji wà nínú fọ́tò kan náà. Nínú Photoshop tàbí GIMP, ẹ wọn àwọ̀ ọ̀dà tí oòrùn ń pa, kí ẹ sì wọn ti inú òjìji òpó. Ká ní ti oòrùn jẹ́ 150, ti òjìji jẹ́ 60. Ẹ ṣe òjìji ọkọ̀ sórí abala ọ̀tọ̀, ẹ fi abala náà sí `Multiply`, kí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 102:

```
60 ÷ 150 × 255 = 102
```

Òjìji méjèèjì yóò rí bákan náà, gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ inú ọ̀dà yóò sì ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò yìí fún pupa, ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ó rí i pé búlúù kì í dínkù tó pupa, nítorí ojú ọ̀run ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú òjìji. Níbi tí òjìji ọkọ̀ bá ti pàdé òjìji ilé tàbí igi, kó má ṣe dúdú jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti kúrò níbẹ̀. A kò lè mú un kúrò lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lórí oòrùn ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró ṣánṣán sórí wa. Láàárín oṣù méjèèjì yìí, ìhà àríwá ló ń gbà kọjá, òjìji ọ̀sán á sì wọ́ sí gúúsù. Ní London tàbí New York, oòrùn ọ̀sán kì í kúrò ní gúúsù, òjìji rẹ̀ sì máa ń gùn ju tiwa lọ. Mọ́tò tí wọ́n yà lọ́hùn-ún lọ́sàn-án ṣòro láti bá títì ọ̀sán Ìbàdàn mu, nítorí òjìji tiwa sábà máa ń wà nítòsí abẹ́ ọkọ̀. Lákòókò ọyẹ́, eruku á mú kí òjìji ṣá, kí etí rẹ̀ sì rọ̀. Òpó iná inú fọ́tò yín ni kí ẹ máa tẹ̀ lé.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ wo ibi mẹ́rin. Ṣé òrùlé ọkọ̀ wà níbi tó yẹ sí ìlà ojú? Ṣé ìlà ìdí táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn forí lé ojú ìpàdé títì? Ṣé òkùnkùn tín-ín-rín wà lábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan? Ṣé òjìji ọkọ̀ àti òjìji òpó gba ọ̀nà kan náà, tí wọ́n sì dúdú bákan náà? Bí ìkan nínú àwọn méjì àkọ́kọ́ bá kùnà, fọ́tò mọ́tò náà ló yẹ kí ẹ pààrọ̀. Bí ìkan nínú àwọn méjì ìkẹyìn bá kùnà, ẹ lè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, ni pé nígbàkígbà tí ẹ bá lọ ya òpópónà, ẹ mú téèpù dání. Ẹ wọn gíga kámẹ́rà, ẹ kọ aago sílẹ̀, ẹ kọ ìhà tí ẹ dojú kọ, kí òpó tàbí igi kan tí òjìji rẹ̀ hàn sì wà nínú fọ́tò náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lójú títì. Ẹni tó bá fò ó yóò fi ọ̀pọ̀ wákàtí wá a nídìí kọ̀ǹpútà.